Maikroprósẹ́sọ̀ àti maikrokontírólà: èwo ló wà nínú àpótí tó ń tan pọ́ǹpù yín?

Láti Kàbà, ká gba Mọ́pà àti Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ẹ óò rí ilé tó gbẹ́ bọ́hòòlù, tó gbé táńkì sókè, tó sì kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri. Àpótí yìí ló ń tan pọ́ǹpù nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ nínú táńkì, òun náà ló ń pa á nígbà tí táńkì bá kún, kí ẹnikẹ́ni má bàa dìde lóru nítorí omi tó ń ṣàn dànù. Bí ẹ bá tú u wò, ẹ óò bá áísì dúdú kan nínú rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ 28, tàbí 18, nígbà mìíràn 8 péré. Àwọn kan á ní prósẹ́sọ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní odindi kọ̀ǹpútà kékeré ni. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù. Àpótí táńkì yìí la óò fi ṣe àlàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé gbogbo ohun tó ya maikroprósẹ́sọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára maikrokontírólà ló hàn kedere nínú rẹ̀.

Ohun tí prósẹ́sọ̀ lè ṣe, àti ohun tí kò lè dá ṣe

Maikroprósẹ́sọ̀ ń ka àṣẹ kan, ó ń ṣe ohun tí àṣẹ náà wí, ó sì ń bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí iná bá ti wọlé títí iná á fi lọ. Ìṣirò, fífi nǹkan wéra, gbígbé nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíràn, òun ló ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ yẹn sí nínú ara rẹ̀, àfi àyè díẹ̀ fún ohun tó ń lò lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé e sórí bọ́ọ̀dù lóun nìkan, tí ẹ sì fún un níná, kò ní mọ ohun tó kàn láti ṣe, nítorí pé kò sí àṣẹ kankan níwájú rẹ̀ tó lè kà.

Ọdún 1971 ni Intel gbé 4004 jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí maikroprósẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà. Lọ́dún 1976, Zilog gbé Z80 jáde, èyí sì gbajúmọ̀ gan-an. Z80 dára fún àlàyé wa, nítorí pé a lè fojú rí ohun gbogbo tó nílò, a sì lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní Z80 la fẹ́ fi ṣe àpótí táńkì. Áísì náà ní ẹsẹ̀ 40. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn wà fún àdírẹ́sì, ìyẹn ni pé àwọn ni prósẹ́sọ̀ fi ń sọ ibi tó fẹ́ kà tàbí ibi tó fẹ́ kọ nǹkan sí. Mẹ́jọ wà fún gbígbé ohun tó kà tàbí tó kọ. A nílò áísì míì tí àṣẹ máa wà nínú rẹ̀ títí láé, kódà bí iná bá lọ: ẹ jẹ́ ká mú 27C64, tó ní ẹsẹ̀ 28. A nílò òmíràn fún ohun tó ń yí padà bí iṣẹ́ ti ń lọ: 6264, ẹsẹ̀ 28. Wáyà tó ń bọ̀ láti táńkì kò lè wọ inú Z80 tààrà, nítorí náà a ó fi 8255 sáàárín, ẹsẹ̀ 40. Ọ̀kan tún kù tí yóò máa pín ọ̀rọ̀, kí áísì méjì má bàa máa fèsì lẹ́ẹ̀kan náà: 74LS138, ẹsẹ̀ 16. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ 152 ni a máa fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ bọ́ọ̀dù, a ò sì tíì ka ohun tó ń fún un ní ìlù tó fi ń rìn, tàbí èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa bí iná bá dé.

Fúlótì méjì tó ń mọ ibi tí omi dé, àti rílè kan ṣoṣo, ìyẹn suwíìsì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, ni gbogbo èyí wà fún. Bí ojú lẹ́ẹ̀dì kan péré nínú àwọn tó ń gbé àdírẹ́sì kò bá mú dáadáa, prósẹ́sọ̀ á máa ka àṣẹ láti ibi tí kò yẹ, àpótí náà á sì máa ṣe ségesège. Ooru ọ̀sán á mú kí bọ́ọ̀dù náà fẹ̀ díẹ̀, òtútù ọyẹ́ á mú kó sún kì, ojú lẹ́ẹ̀dì tí kò mú dáadáa á là. Ẹ óò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lówùúrọ̀, kò ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ẹ ò sì ní mọ èwo nínú ojú 152 ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà tí gbogbo wọn kó sínú áísì kan

Maikrokontírólà ni áísì tó kó prósẹ́sọ̀, ibi ìtọ́jú àṣẹ, ibi ìrántí fún iṣẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ fún wáyà ìta, àti ohun tó ń fún un ní ìlù, sínú ara kan ṣoṣo. Ẹ ṣàkíyèsí pé prósẹ́sọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dà pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lójú: ẹni tó pe áísì táńkì ní prósẹ́sọ̀ kò purọ́, apá kan ló fi orúkọ rẹ̀ pe odindi. Texas Instruments ti ń ta TMS1000 lọ́dún 1974, Intel sì gbé 8051 jáde ní 1980, èyí tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà dòní.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ jù ni ATmega328P, torí pé òun ló wà lórí bọ́ọ̀dù Arduino Uno. Ó ní ẹsẹ̀ 28. Nínú rẹ̀, kílóbáìtì 32 wà fún àṣẹ, kílóbáìtì 2 wà fún iṣẹ́ ọwọ́, kílóbáìtì 1 sì wà fún ohun tí a kò fẹ́ kó gbàgbé bí iná bá lọ. Ó lè lo iná láti fóòtì 1.8 dé 5.5. Ó ní ìlù tirẹ̀ nínú, ó sì lè díwọ̀n fóòtì tó bá ń lọ sókè sódò lórí mẹ́fà nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fi kílóbáìtì 2 yẹn wé láptọ́ọ̀pù tó ní gígábáìtì 8: ti láptọ́ọ̀pù ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ibí yìí ni àwọn tó ń fojú agbára nìkan wo ẹ̀rọ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní èyí tó lágbára jù ló dára jù. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré ni àpótí táńkì ní láti mọ̀, ṣé omi ti lọ sílẹ̀, ṣé omi ti dé òkè. Báìtì díẹ̀ ló gbà. Agbára tó kù kò ní jẹ́ kí omi yára kún, owó àti iná nìkan ni yóò máa gbà lọ́wọ́ yín.

Àpótí náà gan-an

Ẹ so fúlótì méjì mọ́ inú táńkì, ọ̀kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè. Àyè tó wà láàárín méjèèjì ni kò ní jẹ́ kí pọ́ǹpù máa tan, kó máa kú, kó tún máa tan ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Wáyà kan láti ara fúlótì kọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀ bátìrì, ìkejì wọ ẹsẹ̀ áísì. Maikrokontírólà ní rẹsísítọ̀ kan nínú tó ń fa ẹsẹ̀ yẹn sókè sí fóòtì 5, nítorí náà bí fúlótì bá là, yóò ka HIGH; bí ó bá pa mọ́ra, yóò ka LOW. Rẹsísítọ̀ inú yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ fi ti ìta kún un bí wáyà bá gùn tó mítà 20: kílóòmù 4.7 láti ẹsẹ̀ náà sí fóòtì 5. Bí ẹ kò bá fi í, wáyà gígùn á máa gba ariwo iná láti ara mọ́tò, áísì á sì máa rí omi tí kò sí.

Irú fúlótì tí ẹ yàn ṣe pàtàkì gan-an. Ti ìsàlẹ̀ kí ó jẹ́ èyí tó ń pa mọ́ra nígbà tí omi bá gbé e sókè. Ti òkè kí ó jẹ́ òdìkejì: kí ó pa mọ́ra nígbà tí omi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó sì là nígbà tí omi bá gbé e. Ìdí ni pé eku máa ń gé wáyà. Bí wáyà òkè bá gé, ẹsẹ̀ áísì á ka HIGH, ohun kan náà tí ìbá kà bí táńkì bá kún, pọ́ǹpù á sì dúró. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, wáyà tó gé á mú kí áísì rò pé omi kò tíì dé òkè, pọ́ǹpù á sì máa fà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá jẹ́ wáyà ìsàlẹ̀ ló gé, ẹ óò mọ̀ nípa pé pọ́ǹpù yóò máa tan yóò máa kú léraléra nígbà tí táńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìyẹn ń dani láàmú, ṣùgbọ́n kò ní da omi nù.

Àṣẹ tí áísì máa tẹ̀ lé kò ju èyí lọ:

```
#include <avr/wdt.h>
const int ISALE = 2, OKE = 3, PONPU = 8;

void setup() {
  pinMode(ISALE, INPUT_PULLUP);
  pinMode(OKE, INPUT_PULLUP);
  pinMode(PONPU, OUTPUT);
  wdt_enable(WDTO_2S);
}

void loop() {
  wdt_reset();
  if (digitalRead(OKE) == HIGH) digitalWrite(PONPU, LOW);
  else if (digitalRead(ISALE) == HIGH) digitalWrite(PONPU, HIGH);
  delay(500);
}
```

Ó kọ́kọ́ bi fúlótì òkè léèrè, nítorí pé pípa ṣe pàtàkì ju títàn lọ. Bí omi bá wà láàárín fúlótì méjèèjì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan: pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ á máa bá iṣẹ́ lọ, èyí tó ti dúró á ṣì wà ní dídúró.

Láti ẹsẹ̀ tí Arduino ń pè ní 8 nínú kóòdù yẹn dé ara pọ́ǹpù, ọ̀nà jìn díẹ̀. Rílè aláwọ̀ búlúù fóòtì 5 tí wọ́n ń tà káàkiri máa ń gba nǹkan bíi mílí-áńpì 71, torí wáyà inú rẹ̀ jẹ́ óòmù 70. Ẹsẹ̀ ATmega328P kò gbọdọ̀ gbé ju 40 lọ, 20 ló sì dára kó mọ sí. Ẹ fi tràǹsísítọ̀ 2N2222 sáàárín pẹ̀lú rẹsísítọ̀ kílóòmù 1 níwájú bèésì rẹ̀. Ẹ so rẹsísítọ̀ kílóòmù 10 láti ẹsẹ̀ áísì náà sílẹ̀, kí pọ́ǹpù má bàa ta kìjí ní àkókò díẹ̀ tí áísì fi ń jí. Ẹ dé dáyóòdù 1N4007 lé wáyà rílè lórí, kí ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà kọjú sí ibi tí iná ti ń wọlé. Bí dáyóòdù yìí kò bá sí, gbogbo ìgbà tí rílè bá tú sílẹ̀ ni iná ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbá tràǹsísítọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé áísì á máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní kété tí pọ́ǹpù bá kú, títí tràǹsísítọ̀ á fi jó.

Rílè yẹn kì í ṣe ti pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ áńpì 10 sára rẹ̀, pọ́ǹpù ẹṣin kan lórí iná fóòtì 230 kò sì ju áńpì 5 sí 7 lọ nígbà tó bá ti ń yí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè gba ìlọ́po márùn-ún ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin inú rílè á jó mọ́ra. Nígbà náà, iná àpótí á sọ pé pọ́ǹpù ti kú, ẹ óò sì máa gbọ́ tí ó ṣì ń fa omi. Kọntátọ̀, ìyẹn rílè ńlá tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, ni kí ó gbé pọ́ǹpù, kí rílè kékeré máa tan kọntátọ̀.

Ohun kan tún wà fún agbègbè wa. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ jùlọ ilẹ̀ Ìyàgbà, Ìjùmú àti Kàbà jókòó lé, inú ojú sísán àpáta ni omi bọ́hòòlù ti ń wá, ó sì máa ń dín kù bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le. Pọ́ǹpù tó ń yí láìsí omi máa ń gbóná, ó sì máa ń bàjẹ́. Maikrokontírólà lè bá yín ṣọ́ èyí láìfi áísì kankan kún un, torí pé ohun tó ń ka àkókò ti wà nínú rẹ̀. Bí táńkì yín bá gba lítà 1000 láàárín fúlótì méjèèjì, tí pọ́ǹpù sì ń fa lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 25 ló yẹ kó fi kún. Ẹ kọ ọ́ sínú àṣẹ pé bí ìṣẹ́jú 40 bá kọjá tí fúlótì òkè kò tíì là, kí ó pa pọ́ǹpù, kí ó dúró fún wákàtí kan, kí ó tó tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi `delay` gígùn ṣe ìdúró yẹn. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo la fẹ́ sọ nípa ìdí tí àwọn tó ń ṣe irú ẹrù báyìí fi ń yan maikrokontírólà, ọ̀rọ̀ iná ni. Àpótí ara ògiri kò ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Iná lè lọ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe dìde fúnra rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

ATmega328P máa ń dúró fún nǹkan bíi ìdá 65 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Raspberry Pi 4, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tó jẹ́ pé maikroprósẹ́sọ̀ ló wà lórí rẹ̀, ní láti kọ́kọ́ gbé odindi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, wọlé láti inú káàdì, èyí lè tó ìdajì ìṣẹ́jú. Èyí tó burú jù ni pé Linux máa ń kọ nǹkan sínú káàdì náà lábẹ́lẹ̀. Bí iná bá já nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, káàdì lè bàjẹ́, bọ́ọ̀dù náà kò sì ní dìde mọ́ títí ẹnì kan á fi wá tún káàdì kọ. Ọ̀nà wà láti ti káàdì pa kí ohunkóhun má ṣe kọ sí i, àwọn tó mọṣẹ́ sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n làálàá ni, nígbà tí áísì olówó pọ́ọ́kú kò ní ìṣòro yẹn rárá: kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan síbi tí àṣẹ rẹ̀ wà.

Maikrokontírólà náà ní àìlera tirẹ̀ nípa iná, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe kí iná já ló léwu, kí ó rọ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí fóòtì bá ń lọ sílẹ̀ láti 5, ó máa dé ibi kan tí prósẹ́sọ̀ inú áísì á ṣì máa rìn, ṣùgbọ́n tí kò ní ka àṣẹ bó ṣe yẹ mọ́. Ó lè tan pọ́ǹpù láìnídìí, ó sì lè ba ohun tó wà níbi ìrántí ayérayé jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú áísì náà tó ń wo fóòtì, tó ń dá iṣẹ́ dúró bí ó bá ti kéré jù. Ṣùgbọ́n bí áísì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ yìí wà ní pípa, ìlù rẹ̀ sì wà lórí mẹgahátìsì 1. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ kò mọ èyí. Àṣẹ yìí, tí ẹ óò tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí USBasp so pọ̀ mọ́ áísì, ló máa tan ẹ̀ṣọ́ náà sórí fóòtì 4.3, tó sì máa gbé ìlù sí mẹgahátìsì 8:

```
avrdude -c usbasp -B 10 -p m328p -U lfuse:w:0xE2:m -U efuse:w:0xFC:m
```

Ẹ̀ṣọ́ kejì ni `wdt` tí ẹ rí nínú kóòdù òkè. Aago kan ni, tó ń ka àkókò lọ́tọ̀. Bí àṣẹ kò bá kàn án lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, yóò gbà pé prósẹ́sọ̀ ti há síbì kan, yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ má fi `delay` gígùn dúró. Ẹni tó bá kọ `delay(5000)` sínú `loop` yẹn á rí i pé áísì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 2, rílè á máa dún kàkà láìdáwọ́ dúró, á sì máa rò pé áísì ló bàjẹ́. Àkókò gígùn, `millis()` ni kí ẹ fi máa kà á, kí `loop` lè máa yí lọ, kó sì máa fọwọ́ kan aago náà.

Bátìrì

Àwọn kan fẹ́ kí àpótí máa fi iye omi hàn kódà nígbà tí iná ìjọba kò sí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó tó láti tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ áńpì-wákàtí 7. ATmega328P lórí fóòtì 5 àti mẹgahátìsì 8 ń jẹ nǹkan bíi mílí-áńpì 5, rẹ́gúlétọ̀ 7805 náà ń jẹ bíi 5 fúnra rẹ̀. Mílí-áńpì 10 lápapọ̀ nìyẹn, wákàtí 700, ó sún mọ́ oṣù kan. Raspberry Pi 4 tí kò ṣe nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́ ń jẹ bíi wáàtì 3, ìyẹn áńpì 0.25 láti ara bátìrì fóòtì 12. Wákàtí 28 ni yóò fi lo bátìrì náà tán, kò sì tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó ń ṣòfò nígbà tí a bá ń yí 12 padà sí 5.

A ò sì tíì jẹ́ kí áísì náà sùn. Bí ẹ bá kọ ọ́ kó máa sùn, kó máa jí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 8 láti wo fúlótì, ohun tó ń jẹ á kéré débi pé 7805 ló máa kù tí yóò máa jẹ bátìrì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á kọ àṣẹ oorun dáadáa, bátìrì á sì máa tán bíi ti tẹ́lẹ̀, torí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀ sí irú tí kì í jẹun púpọ̀, bíi HT7550.

Ibi tí maikrokontírólà kò tó

Àwòrán ni yóò kọ́kọ́ fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn yín. Àwòrán kámẹ́rà aláìláwọ̀ kan, 640 sí 480, ní báìtì kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, jẹ́ báìtì 307,200. Èyí jẹ́ ìlọ́po 150 kílóbáìtì 2 tí ATmega328P ní. Kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá tí yóò fi wọlé. Ohunkóhun tó bá ní kámẹ́rà tó ń gba fídíò sílẹ̀, ojú ńlá tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ bíi ti fóònù, tàbí ètò tó pọ̀ tí wọ́n ń rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, maikroprósẹ́sọ̀ ló yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n agbára kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú pípé ní àkókò. Ẹ wo ínfátà. Iná ilé wa ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ ínfátà sì ń tan, ń pa tràǹsísítọ̀ ńlá inú wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Bí méjì tó kọjú síra wọn bá tàn pọ̀ fún ìwọ̀n ìdá kékeré, wọ́n á jó. Prósẹ́sọ̀ tí Linux ń darí yára gan-an, ṣùgbọ́n Linux lè ní kí iṣẹ́ yín dúró díẹ̀ kí òun kọ́kọ́ ṣe nǹkan míì. Nínú maikrokontírólà, ohun tó ń ka àkókò ló ń tan àwọn ẹsẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, kódà bí prósẹ́sọ̀ inú rẹ̀ bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Orúkọ lè tún da yín láàmú lọ́jà. Arduino Uno kì í ṣe áísì, bọ́ọ̀dù tó gbé áísì ni. Raspberry Pi 4 àti Raspberry Pi Pico, orúkọ ilé kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n Pico tó jáde lọ́dún 2021 ń lo RP2040, maikrokontírólà ni, kílóbáìtì 264 ló ní fún iṣẹ́ ọwọ́. Pàtàkì kan wà níbẹ̀: ibi ìtọ́jú àṣẹ Pico kò sí nínú RP2040 fúnra rẹ̀, inú áísì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló wà. Nítorí náà ẹ má mú un bí òfin pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ wà nínú ara kan. Bí ẹ bá tú ẹ̀rọ kan, ẹ wá áísì ìrántí ńlá tó jókòó ti áísì àárín pẹ́kípẹ́kí, tí àwọn ìlà tín-ín-rín púpọ̀ so méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé maikroprósẹ́sọ̀ ni. Bí ẹ kò bá rí i, tí ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ ní kété tí ẹ tan iná, maikrokontírólà ni.

Ẹ sì lè lo méjèèjì pa pọ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ́ máa wo táńkì rẹ̀ ní Ìyàrà láti orí fóònù, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kí Raspberry Pi ṣe ti kámẹ́rà àti fóònù, kí fúlótì àti rílè wà lọ́wọ́ ATmega328P, kí wáyà méjì àti ilẹ̀ kan so wọ́n pọ̀. Wáyà tó ń ti ara ATmega328P bọ̀ ń gbé fóòtì 5, ẹsẹ̀ Raspberry Pi kò sì lè gbà ju nǹkan bíi 3.3 lọ láìbàjẹ́, nítorí náà ẹ fi rẹsísítọ̀ kílóòmù 1 sójú ọ̀nà, kí ẹ sì fi kílóòmù 2 láti ẹsẹ̀ Pi sílẹ̀, 3.33 ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wáyà tó ń padà bọ̀ kò nílò nǹkan kan, torí fóòtì 3.3 ti tó kí ATmega328P kà á sí HIGH. Tí ẹ bá ṣe é báyìí, bí káàdì Pi bá tilẹ̀ bàjẹ́ lóru, kámẹ́rà nìkan ni yóò dákẹ́. Pọ́ǹpù á ṣì tan, á sì ṣì kú ní àkókò rẹ̀.